Àkọlé Ìwé Tí Ẹni Tó Ń Wá A Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì Máa Rí

Òwe ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí tí wọ́n bá fẹ́ sọ ìwé lórúkọ. Kò burú fún eré onítàn tàbí ìtàn àròsọ, nítorí ẹni tó ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ìṣòro kan pàtó tó ń wá ojútùú sí. Ìwé tó ń kọ́ni ní nǹkan yàtọ̀. Ìṣòro tó ń da òǹkàwé láàmú ló máa tẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí. Kò mọ òwe tí ẹ fi sọ ìwé yín lórúkọ, kò sì sí bó ṣe lè tẹ ohun tí kò mọ̀.

Ìwé kan ṣoṣo ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn òbí Yorùbá tó wà lókè òkun, àwọn tí ọmọ wọn ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Ọgbọ́n tí ìwé náà ń kọ́ni kò le: láti ìgbà tí ọmọ bá ti wẹ̀ lálẹ́ títí dìgbà tó máa sùn, Yorùbá nìkan ni kí wọ́n máa sọ nínú ilé. Amazon ló fẹ́ tà á, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Àkọlé tó kọ́kọ́ fún un rèé:

*Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Preserving Our Heritage Across Generations and Continents*

Òwe náà bá ọ̀rọ̀ mu rẹ́gí. Ẹni tó bá ka ìwé náà tán máa mi orí sí i. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò pẹ̀lú ojú ẹni tí kò tíì kà á: kò dárúkọ Yorùbá, kò dárúkọ ọmọ, kò dárúkọ òbí, kò dárúkọ èdè. Àkọlé kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó yẹ kó ṣàlàyé òwe, tún ga ju òwe lọ. A lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé aṣọ òkè, ìwé ìtàn ìdílé, tàbí ìwé oúnjẹ ilẹ̀ wa, kò sì ní ṣàjèjì níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé a lè gbé àkọlé kékeré yín kúrò lórí ìwé yín sórí ìwé ẹlòmíràn láìṣe wàhálà, ẹ mọ̀ pé kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ohun tí òǹkàwé ń sọ sílẹ̀, lẹ́nu òun fúnra rẹ̀

Ẹ má tíì ronú kan àkọlé. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ẹni tó máa ra ìwé náà àti ohun tó ń sọ ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Òbí tó wà nínú àpẹẹrẹ wa kì í sọ pé òun fẹ́ dáàbò bo àṣà ìbílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé: "Ọmọ mi ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ kò lè sọ ọ́." "Báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọ nígbà tí bàbá ẹ̀ kì í ṣe Yorùbá?" "Ṣé kò ti pẹ́ jù, ó ti pé ọmọ ọdún méje?"

Ibi tí irú ọ̀rọ̀ báyìí pọ̀ sí jù ni àwọn ẹgbẹ́ òbí lórí Wasáàpù àti Fesibúùkù, àti abẹ́ àwọn ìwé tó ti wà lórí àtẹ. Lábẹ́ àwọn ìwé náà, èmi kì í fi àkókò ṣòfò lórí èsì oníràwọ̀ márùn-ún tí àwọn òǹkàwé kọ, nítorí ìyìn lásán ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Oníràwọ̀ mẹ́ta ni kí ẹ kà. Àwọn ló máa ń kọ ọ́ pé ìwé náà dára ṣùgbọ́n kò ṣe báyìí báyìí fún àwọn. Ohun tí wọ́n ní kò sí níbẹ̀ yẹn ni ẹlòmíràn máa lọ tẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí.

Ẹ kọ gbólóhùn tó tó ogún sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, láìtún un ṣe. Bí wọ́n bá sọ pé *kids*, ẹ má ṣe yí i sí *children*.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kí àpótí ìṣàwárí fúnra rẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀

Bí ẹ bá ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí Amazon, ó máa ń gbé àbá jáde nísàlẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ parí. Ohun tí àwọn èèyàn ń wá ló ń ti ibẹ̀ wá, nítorí náà, ó wúlò ju ohunkóhun tí èmi tàbí ẹ̀yin lè rò lọ. Àmọ́ ẹ ní láti ṣe é dáadáa.

Ẹ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní `Incognito` tàbí `Private`, lórí ẹ̀rọ yín kí ohun tí ẹ ti ń wá tẹ́lẹ̀ má bàa dà á rú. Ẹ lọ sí `amazon.co.uk` fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ tún lọ sí `amazon.com` lọ́tọ̀ fún Amẹ́ríkà, nítorí àbá tí wọ́n ń mú wá kì í fi bẹ́ẹ̀ jọra. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ ti ń wò ó, ẹ yí ibi tí wọ́n kọ `Deliver to` sí padà sí àdírẹ́sì ìlú tí òǹkàwé yín wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ìwé kan ò ní hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ yan `Books` lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Èyí ṣe kókó. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní `All`, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti fìlà máa dara pọ̀ mọ́ àbá yín.

Wàyí o, ẹ tẹ `yoruba`, kí ẹ fi àlàfo kan sí i, kí ẹ dúró. Ẹ kọ ohun tó jáde sílẹ̀. Ẹ tún tẹ `yoruba a`, `yoruba b`, `yoruba c`, títí dé òpin álífábẹ́ẹ̀tì. Kò gbà ju bí ìdajì wákàtí lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì, láti ibi ìṣòro: `teach my child`, `raising bilingual`, `second language at home`. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń gbàgbé apá yìí. Orúkọ ohun tí wọ́n kọ̀wé lé lórí nìkan ni wọ́n máa ń tẹ̀, wọn kì í tẹ ìṣòro.

Ẹ ṣe bákan náà lórí Google. Níbẹ̀, ẹ tún wo àpótí tí wọ́n kọ `People also ask` sí, ìbéèrè gidi ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni pé ẹni tó wà lórí Google lè má tíì mọ̀ pé ìwé lòun nílò. Ó ń béèrè ni. Ẹni tó wà lórí Amazon ti mú owó lọ́wọ́. Bí ohun tí Google sọ àti ohun tí Amazon sọ bá tako ara wọn, ti Amazon ni kí ẹ gbé lé àkọlé, kí ẹ sì fi ti Google kọ àlàyé ìwé àti àwọn àròkọ tí ẹ fi ń polówó.

Àwọn kan máa ní kí ẹ lo Google Trends. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó ń wọ̀n. Nọ́ńbà 0 sí 100 tó ń gbé jáde kì í ṣe iye èèyàn. Ìgbà tí wọ́n wá nǹkan náà jù lọ láàárín àkókò tí ẹ yàn ló ń pè ní 100, ó wá ń fi ìgbà yòókù wé e. Ó lè sọ fún yín èwo nínú `learn yoruba` àti `yoruba lessons` ni wọ́n ń wá jù, tí ẹ bá fi méjèèjì sójú kan náà. Gbólóhùn gígùn bíi `how to teach my child yoruba` sábà máa ń kéré jù fún un, á kàn ní kò sí ìsọfúnni tó pọ̀ tó. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kì í wá a.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo irú ìwé tó ti jókòó síbẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń sáré kọjá. Rírí gbólóhùn tí èèyàn ń wá kò tó. Ẹ ní láti mọ ohun tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní lọ́kàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n ni kí ẹ tẹ gbólóhùn náà, kí ẹ sì wo àwọn ìwé tó jáde lójú ewé àkọ́kọ́.

Ẹ mú `yoruba` nìkan. Ẹni tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ rí lè rò pé ìwé èdè ló máa kún ibẹ̀. Ìwé òrìṣà àti Ifá ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń bọ òrìṣà ní Amẹ́ríkà pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó tọ ẹ̀sìn náà wá láti Kúbà àti Bùràsíìlì, ìwé ẹ̀sìn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá tí wọ́n bá tẹ orúkọ yìí. Nítorí náà, bí `yoruba` bá dá wà nínú àkọlé láìsí ohun tó ń fi hàn pé èdè tàbí ọmọ ni ọ̀rọ̀ dá lé, àárín àwọn ìwé Ọ̀ṣun àti Ọbàtálá ni ìwé yín máa lọ jókòó sí, ẹni tó wá Ifá kò sì ní rà á.

Ẹ mú `learn yoruba`. Àwọn tó ń tẹ èyí jẹ́ àgbàlagbà tó fẹ́ kọ́ èdè fúnra wọn: ẹni tó fẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹni tí wọ́n bí sí Húsítọ̀nù tí kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ tó ní ìdánrawò ni wọ́n ń retí. `Yoruba for kids` ńkọ́? Ìwé aláwòrán fún ọmọdé ló kún ibẹ̀, ABD, nọ́ńbà, orúkọ ẹranko. Ọmọ ni wọ́n ń rà á fún, kì í ṣe òbí.

Ìwé tó wà nínú àpẹẹrẹ wa kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ìwé òbí ni. Bí ìyá yìí bá kó `learn` àti `kids` sínú àkọlé nítorí pé àwọn tó ń wá wọn pọ̀, àwọn èèyàn máa tẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Àwọn kan á tiẹ̀ rà á. Wọ́n á ṣí i, wọn ò ní rí àwòrán, wọn ò ní rí ìdánrawò, wọ́n á dá a padà tàbí kí wọ́n fún un ní ìràwọ̀ kan. Nínú ìwé tuntun tí kò tíì ní ju èsì mẹ́rin márùn-ún lọ, ìràwọ̀ kan méjì péré ti tó láti bà á jẹ́. Èèyàn púpọ̀ tí kò nílò ìwé yín kò ṣe yín láǹfààní kankan.

Èyí tó bá a mu ni àwọn tó ní òbí nínú: `teach my child yoruba`, `raising bilingual children`, àti irú wọn. Àwọn tó ń wá ti àkọ́kọ́ lè kéré, àmọ́ ẹ wo ojú ewé tó jáde: bí ìwé òbí kò bá pọ̀ níbẹ̀, àyè wà fún yín. `Raising bilingual children` yàtọ̀ sí i. Ìwé ti pọ̀ níbẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìtẹ̀wé ńláńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sọ̀rọ̀ nípa Yorùbá ní pàtó.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ṣí ìwé mẹ́ta tó jọ tiyín jù, kí ẹ lọ sísàlẹ̀ síbi `Product details`, kí ẹ wo `Best Sellers Rank`. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré sí ni ìwé ń tà sí. Ó máa ń yí padà lemọ́lemọ́ láàárín ọjọ́ kan, nítorí náà, ẹ wò ó ní ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bí nọ́ńbà àwọn ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọ mílíọ̀nù, ó lè jẹ́ pé ọjà kò sí fún gbólóhùn yẹn rárá, tàbí kí àkọlé tiwọn náà jẹ́ òwe. Ẹ fara balẹ̀ wo èyí tó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pín iṣẹ́ láàárín àkọlé àti àkọlé kékeré

Àkọlé ni wọ́n máa dárúkọ lẹ́nu. Òun ni ìyá kan máa sọ fún ìyá kejì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, òun ni wọ́n máa pè lórí rédíò. Ó gbọ́dọ̀ kúrú, kó ṣeé sọ, kí ẹni tó gbọ́ ọ lè tẹ̀ ẹ́ láìbéèrè lẹ́tà rẹ̀. Àkọlé kékeré kì í délé ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó máa ń rántí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé gbólóhùn tí wọ́n ń wá dání, kó sì jẹ́ kí ẹni tó rí i mọ̀ pé tòun ni. Ẹ̀rọ ìṣàwárí máa ń ka méjèèjì pọ̀, torí náà kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ kan wà nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìyá yìí ṣe lè tún tirẹ̀ ṣe. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó parí ìwádìí:

*Teaching Your Child Yoruba: How to Teach Yoruba to Children and Raise Bilingual Yoruba Kids*

Ẹ̀rọ lè fẹ́ràn èyí. Èèyàn ò ní fẹ́ràn rẹ̀. *Yoruba* fara hàn nígbà mẹ́ta, ọmọ nígbà mẹ́ta, kò sì sí ohun kan níbẹ̀ tó fi yàtọ̀ sí ìwé tí ẹlòmíràn máa kọ lọ́dún tó ń bọ̀. Yàtọ̀ sí pé ó rí bí ìpolówó alágbo, àtúnwí ọ̀rọ̀ lásán kí ìwé lè hàn jẹ́ ohun tí òfin Amazon kọ̀.

Ìgbìyànjú kejì:

*Ilé: Raising Children Who Speak*

Èyí lẹ́wà, ó sì kúrú. Àmọ́ *Yoruba* ti bọ́ sọnù, *speak* sì lè jẹ́ ti ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀. Àwọn òbí tí wọ́n ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ìsọ̀rọ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́.

Ìgbìyànjú kẹta bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé náà fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tó ní ni àkókò tó wà láàárín ìwẹ̀ àti oorun. Kí ló dé tí kò fi wà lórí èèpo?

*Yoruba Before Bedtime: How to Teach Your Child the Language When You Live Abroad*

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. *Yoruba* ló ṣíwájú, nítorí náà bí fóònù bá tiẹ̀ gé àkọlé náà láàárín, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ti hàn. *Before Bedtime* ló ń jẹ́ kí ó yàtọ̀: kò sẹ́ni tó ń bọ òrìṣà tó máa rò pé tòun ni, òbí tó ní ọmọ kékeré sì mọ ìgbà tó ń sọ. *Teach Your Child* àti *the Language* ni ìṣàwárí máa mú, wọ́n sì ti so mọ́ *Yoruba* tó wà lókè láìtún un dárúkọ. *When You Live Abroad* ńkọ́? Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í tẹ *abroad* sínú Amazon, ilé rẹ̀ ló wà. Ti ojú lèyí, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ọmọ Nàìjíríà tó bá rí *abroad* mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èèyàn òun ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Kò burú kí àkọlé kékeré ní gbólóhùn kan tó jẹ́ ti òǹkàwé nìkan, bí èyí tó jẹ́ ti ìṣàwárí bá ti ṣíwájú rẹ̀.

*Kids*, *bilingual*, *heritage language* àti *Nigerian parents* kò wọlé. Wọn kò sọnù. KDP, níbi tí wọ́n ti ń gbé ìwé sórí Amazon, ní àpótí méje fún irú àwọn gbólóhùn bẹ́ẹ̀, òǹkàwé kì í sì rí wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ kó wọn sí. Òwe náà lọ sí ojú ewé tó ṣáájú orí kìíní, níbi tí ẹni tó ti ra ìwé á ti rí i.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí àkọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Google pẹ̀lú àmì àyọlò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, báyìí: `"Yoruba Before Bedtime"`. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Amazon náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kì í dáàbò bo àkọlé, nítorí náà ìwé méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti ń jẹ́ orúkọ yẹn tí ìwé rẹ̀ sì ń tà, tirẹ̀ ló máa ṣíwájú tiyín. Orúkọ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àmì òwò, pàápàá orúkọ ọ̀wọ́ ìwé, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ má sún mọ́ ọn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àkọlé wà ní Yorùbá

Ìwé míì wà tó jẹ́ pé Yorùbá ni a fi kọ ọ́, àkọlé rẹ̀ kò sì lè jẹ́ ohun mìíràn. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ló máa dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀. Òǹkàwé yín kì í tẹ àmì lórí fóònù. Ẹni tó ń wá ìwé *Ẹ̀kọ́ Ilé* máa tẹ `eko ile`, ẹ̀rọ sì lè rò pé Ìlú Èkó ló ń wá. Ohun tí èmi máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n kọ àkọlé pẹ̀lú àmì rẹ̀ pérépéré, nítorí ìwé Yorùbá tí kò ní àmì lórí èèpo ti jẹ́ kí a mọ bí inú rẹ̀ ṣe máa rí, kí wọ́n wá lọ kọ èyí tí kò ní àmì sínú ọ̀kan lára àwọn àpótí méje yẹn, kí wọ́n sì tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sínú àlàyé ìwé.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí. Àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lè jẹ́ tóótó (`U+0323`), ó sì lè jẹ́ ìlà kékeré (`U+0329`), ìyẹn dá lórí kíbọ́ọ̀dù tí ẹ lò. Lórí èèpo, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹni tó yàwòrán èèpo bá lo ìlà, tí ẹ̀yin lo tóótó lórí Amazon, tí ilé ìtajà míì tún lo ìlà, ìwé kan ṣoṣo ti di méjì nìyẹn. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ lẹ àkọlé láti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fáìlì kan, kí ẹ tẹ `Ctrl+F`, kí ẹ lẹ ọ̀kan nínú wọn síbẹ̀. Bí kò bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò bára mu. Tóótó ni kí ẹ mú, òun ni ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ń lò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Òfin, àti èèpo tó kéré bí èékánná

Lórí KDP, àkọlé àti àkọlé kékeré lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ tó lẹ́tà 200, pẹ̀lú àlàfo. Ti àpẹẹrẹ wa kò pé 100, ìyẹn sì dára. Ẹ má rí 200 bí ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ kún dé. Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ìpolówó bíi *bestselling* tàbí *free*, wọn kì í gba orúkọ òǹkọ̀wé míì tàbí ìwé míì tí ẹ kò gba àṣẹ lé lórí, ohun tí ẹ sì kọ sínú fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá ti èèpo mu. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń mú àwọn èèyàn jù: ẹni tó yàwòrán èèpo á yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nítorí àyè, ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù kò ní mọ̀, wọ́n á dá ìwé padà.

Ẹ gbé èèpo náà sórí fóònù yín, kí ẹ dín in kù títí á fi fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, nítorí bó ṣe máa rí nìyẹn láàárín àwọn ìwé yòókù. Àkọlé kékeré kò ní ṣeé kà mọ́. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, a máa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí *Yoruba Before Bedtime* pàápàá kò bá ṣeé kà, ẹ ní kí ayàwòrán tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe èèyàn mẹ́ta lórí fóònù, kí ẹ dárúkọ ìwé náà fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín lórí Wasáàpù. Bí ẹnì kan bá kọ *Before Bed*, ẹ fi gbólóhùn yẹn sínú àpótí KDP. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọ ọ́ lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àkọlé náà kò tíì ṣeé gbé jáde.

Ẹ ṣe gbogbo èyí kí ẹ tó lo ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀. Nọ́ńbà náà so mọ́ àkọlé. Tí ẹ bá yí àkọlé padà lẹ́yìn náà, nọ́ńbà tuntun ni ẹ máa gbà. Ní Nàìjíríà, Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ló ń fúnni. KDP náà ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìwé bébà, àmọ́ ẹ kò lè lò ó níbòmíràn, wọ́n sì máa ń ti àkọlé ìwé bébà pa tó bá ti jáde tán. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà á tún ìwé náà gbé jáde bí ìwé tuntun, èsì tí àwọn òǹkàwé ti kọ lè máà bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Lẹ́yìn tó bá jáde

Ẹ dúró ọjọ́ díẹ̀ kí Amazon lè kó o sínú ìṣàwárí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀, ẹ tẹ àkọlé gan-an, kí ẹ tẹ orúkọ yín, kí ẹ wá tẹ `teach my child yoruba`. Bí àkọlé gan-an kò bá gbé e jáde lójú ewé àkọ́kọ́, àṣìṣe lẹ́tà tàbí ti àmì ló wà níbì kan, ẹ lọ wá a rí. Bí àkọlé bá gbé e jáde ṣùgbọ́n tí gbólóhùn ìṣòro kò gbé e, ẹ má tíì bínú. Amazon máa ń gbé ìwé tí wọ́n ń rà síwájú, ìwé tuntun kò sì tíì ní ìtàn. Àwọn tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n wá a nípa gbólóhùn yẹn, kí wọ́n rà á láti ibẹ̀, dípò kí ẹ fi líǹkì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

Tó bá ti tó oṣù méjì tí kò sì sí àyípadà, àwọn àpótí méje àti àlàyé ìwé ni kí ẹ tún ṣe, nítorí àwọn wọ̀nyí ṣeé yí nígbàkígbà. Ẹ yí àpótí kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ yí i sílẹ̀. Ẹni tó bá yí méjèèje lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́.